Òdo Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Láti Ojodu Berger wọ Alagbole títí dé Akute, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn: dísíìkì tó bá ń ṣiṣẹ́, má ṣe tọ́ ọ. Bí fídíò bá ṣí, bí iná iwájú ẹ̀rọ bá ń ṣẹ́jú bó ṣe máa ń ṣẹ́jú, bí tábìlì àṣìṣe bá sì fi òdo hàn, wọ́n á ní kò sí wàhálà. Àwọn ayàwòrán òde ìyàwó gbà á gbọ́. Àwọn tó ń ká ìsìn sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀nà Mowe àti Ibafo náà gbà á gbọ́. Èmi ní kì í ṣe òótọ́. Ọ̀rọ̀ náà léwu, nítorí pé ó ń kọ́ wa láti máa fi ìdákẹ́jẹ́ dísíìkì ṣe ẹ̀rí ìlera rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìsàn tó burú jù lára dísíìkì kì í pariwo.

Dísíìkì tó kú lójijì kò ṣòro mọ̀. Á máa dún kà-kà-kà, kọ̀ǹpútà kò ní rí i mọ́, olówó á sì sáré lọ ra òmíràn. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Dísíìkì lè gba fáìlì lọ́wọ́ yín, kó ní òun ti kọ ọ́, kó má sì kọ ọ́. Ó lè kọ ọ́ sí ibi tí kì í ṣe ibẹ̀. Ohun tó kọ dáadáa lè yí padà díẹ̀ níbi tó wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá béèrè fáìlì náà, á kó ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún yín pẹ̀lú ìdánilójú, kò ní sọ pé ohunkóhun ṣe é. Ní 2007, CERN, ilé ìwádìí ńlá tó wà ní ààlà Siwitsaláǹdì àti Faransé, yẹ nǹkan bíi 33,700 fáìlì wò, tí gbogbo rẹ̀ tó tẹrabáìtì 8.7. Wọ́n fi àmì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó fáìlì kọ̀ọ̀kan pamọ́ wé ohun tó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí. Méjìlélógún nínú wọn kò bá àmì rẹ̀ mu mọ́, ìyẹn bíi fáìlì kan nínú 1,500. Ilé iṣẹ́ tó ní iná tí kì í lọ, yàrá tó tutù àti àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru ni wọ́n ti rí èyí o.

Akute kò ní irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí ìjọba Èkó fẹ́ kí omi máa ṣàn láìdáwọ́ dúró láti ibi tí wọ́n ti ń fa omi Odò Ògùn, ilé iṣẹ́ iná àdáni tó tó mẹgawọ́ọ̀tì 12.15 ni wọ́n kọ́ sí Akute níbí, tí wọ́n sì ṣí i ní 2010. Ẹ̀rọ omi rí iná tirẹ̀. Ayàwòrán tó wà ní òpópónà kejì kò rí i. Iná á lọ, ìnfátà á gbà á, bátìrì á rẹ̀, ẹnì kan á fa jẹnẹrétọ̀, iná á tún dé, wọ́n á yí i padà. Nínú gbogbo ìyípadà yìí, dísíìkì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń kọ fídíò ìgbéyàwó ẹlòmíràn sílẹ̀.

Ní báyìí, àwọn tó gbọ́n díẹ̀ láàárín wa ti kúrò lórí kí wọ́n máa kó iṣẹ́ sínú fláàṣì. Wọ́n ti ra àpótí tó gba dísíìkì méjì, wọ́n fi Debian sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ZFS so dísíìkì méjèèjì pọ̀ di púùlù kan, tí ohun tó bá wọ ọ̀kan á máa wọ èkejì. Míírọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tí mò ń bá jà ti ta gbòǹgbò, nítorí pé ẹni tó ní míírọ̀ á sọ pé, “Ẹ̀dà méjì ni mo ní, kí ló tún kù tí mo fẹ́ yẹ̀ wò?”

Ohun tó kù ni pé ẹ̀dà méjì kò túmọ̀ sí ẹ̀dà méjì tó dára. ZFS máa ń ṣírò àmì-ẹ̀rí fún búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan tó bá kọ, ó sì ń tọ́jú àmì náà sí ibòmíràn tó yàtọ̀ sí ibi tí búlọ́ọ̀kù náà wà. Bó bá ń kà á padà, á tún àmì náà ṣírò. Bí kò bá bá ti tẹ́lẹ̀ mu, á mọ̀ pé dísíìkì yẹn parọ́, á lọ mú ẹ̀dà tó wà lórí dísíìkì kejì, á yẹ òun náà wò, bó bá dára, á fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo sọ yìí: bó bá ń kà á. Fídíò ìgbéyàwó tí ẹ yà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ta ló ń kà á? Bí ẹ bá tilẹ̀ ṣí i, ọ̀kan nínú dísíìkì méjèèjì ni ZFS á kà fún búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kì í ka méjèèjì pọ̀. Ẹ̀dà kejì lè ti bàjẹ́ látọjọ́ pípẹ́, kí fáìlì sì máa ṣí geere.

Ọjọ́ tí aṣírí á tú ni ọjọ́ tí dísíìkì kan kú. Ẹ ra tuntun, ẹ fi rọ́pò, ZFS á bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo nǹkan láti orí èyí tó kù. Ìgbà yẹn ló máa kan búlọ́ọ̀kù tí ẹnikẹ́ni kò kà láti ọdún mẹ́ta, á rí i pé ó ti bàjẹ́, kò sì ní sí ẹ̀dà mìíràn tó lè fi tún un ṣe. Èyí kì í ṣe àròsọ. Àwọn olùwádìí tó bá ilé iṣẹ́ NetApp ṣiṣẹ́ gbé àbájáde kan jáde ní 2008 lórí dísíìkì tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tí wọ́n wò fún oṣù mọ́kànlélógójì. Ìgbà tó lé ní 400,000 ni ohun tí dísíìkì kó jáde kò bá àmì-ẹ̀rí rẹ̀ mu. Nǹkan bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí lásìkò tí wọ́n ń tún àkójọ dísíìkì tó ti bàjẹ́ kọ́, ìyẹn lásìkò tí ẹ̀dà ìrànlọ́wọ́ ti lọ.

Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka gbogbo nǹkan, kí dísíìkì kankan tó kú. Àgbẹ̀ tó ní abà iṣu mọ èyí: kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa wo iṣu òkè, ọwọ́ ló fi ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀, kó lè yọ èyí tó fẹ́ rà. Iṣẹ́ tí àṣẹ `zpool scrub` ń ṣe nìyẹn, tí àwa tó wà nídìí rẹ̀ ń pè ní sikirọ́ọ̀bù. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tó ní nǹkan nínú ló ń kà, lórí dísíìkì méjèèjì, ó ń yẹ àmì-ẹ̀rí wọn wò, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe láti ara ẹ̀dà tó dára.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan bí àpẹẹrẹ, tó ní dísíìkì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ tẹrabáìtì mẹ́rin, tí nǹkan bíi 2.6 nínú rẹ̀ sì ti kún. Lẹ́yìn sikirọ́ọ̀bù, ó tẹ `zpool status`, ohun tó ṣe pàtàkì nínú èsì náà sì rí báyìí:

```
  scan: scrub repaired 1.12M in 04:51:37 with 0 errors on Sun Mar  9 05:15:38 2025

        NAME        STATE     READ WRITE CKSUM
        fidio       ONLINE       0     0     0
          mirror-0  ONLINE       0     0     0
            sda     ONLINE       0     0     0
            sdb     ONLINE       0     0     9

errors: No known data errors
```

Ọ̀pọ̀ ló máa wo ìlà tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n á pa ẹ̀rọ dé. Ìlà yẹn kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé kò sí fáìlì tó sọnù. Kò sọ pé ara dísíìkì dá. Òpó mẹ́ta tó wà láàárín ni kí ẹ kà. READ ń ka iye ìgbà tí a ní kí dísíìkì kà, tó ní òun kò lè kà. WRITE ń ka iye ìgbà tó kọ̀ láti kọ. Nínú méjèèjì yìí, dísíìkì fúnra rẹ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ló jẹ́wọ́. CKSUM yàtọ̀: dísíìkì kó nǹkan jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ráhùn, ZFS ló sì mú un pé ohun tó kó jáde kì í ṣe ohun tí a fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni `sdb` ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kilobáìtì 128, mẹ́sàn-án nínú wọn ló di mẹgabáìtì 1.12 tí ìlà òkè ní òun tún ṣe.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹni tó bá ní ká ju `sdb` nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ti yára jù, ẹni tó bá ní ká tẹ `zpool clear` kí mẹ́sàn-án di òdo, ká sì gbàgbé, ló ṣe èyí tó burú jù. Ẹ kọ nọ́ḿbà náà sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ bi dísíìkì náà léèrè pẹ̀lú `smartctl -a`: bí ìlà 199, ìyẹn `UDMA_CRC_Error_Count`, bá ń pọ̀ sí i, wáyà tàbí ẹnu ibi tí wáyà ti wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, wáyà tuntun kò sì wọ́n rárá. Bí 197 tàbí 5 bá ń gòkè, ojú dísíìkì fúnra rẹ̀ ló ń jẹrà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ wáyà, ẹ wá tẹ `zpool clear`, kí ẹ sì tún sikirọ́ọ̀bù ṣe. Bí CKSUM bá dúró sí òdo, wáyà ni. Bó bá tún padà wá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó dísíìkì. Tó bá sì jẹ́ pé dísíìkì méjèèjì ló ní àṣìṣe CKSUM, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ má fi ẹ̀sùn kan dísíìkì. Ohun tí wọ́n jọ ń lò ni kí ẹ wò: mẹ́mórì, tàbí ẹ̀rọ tó ń pín iná fún wọn, èyí tí iná Akute máa ń bá jà jù.

Mo wá dé ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi òdo ṣe ẹ̀rí. Inú mẹ́mórì ni ZFS ń tọ́jú òǹkà mẹ́ta yẹn sí. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, tó sì tún jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Mẹ́sàn-án tí ẹ rí lówùúrọ̀ lè di òdo lọ́sàn-án nítorí pé ìnfátà já lulẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ní ìlú tí iná kì í lọ, òdo lè jẹ́ ìròyìn oṣù mẹ́fà. Ní Akute, ó lè jẹ́ ìròyìn wákàtí méjì péré. Ẹni tó wo tábìlì náà láìkọ́kọ́ tẹ `uptime`, kó mọ ìgbà tí ẹ̀rọ jí gbẹ̀yìn, kò tíì wo nǹkan kan. Btrfs ṣe tirẹ̀ dáadáa jù níhìn-ín, nítorí pé òǹkà tí `btrfs device stats` ń fi hàn wà lórí dísíìkì, iná kì í pa á rẹ́. Nínú ZFS, ìlà `scan` ni kò ní parẹ́ bí iná bá lọ. Ọjọ́ tí sikirọ́ọ̀bù parí àti iye tó tún ṣe wà níbẹ̀ digbí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìlà yẹn ni ẹ̀rí, òǹkà wulẹ̀ ń ṣàlàyé rẹ̀ ni.

Àwọn kan á sọ fún mi pé, “Debian ń ṣe é fúnra rẹ̀.” Òótọ́ ni pé ó ní ètò kan fún un. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù, ní aago 12:24 òru, ni ètò náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sikirọ́ọ̀bù. Ẹ wá sọ fún mi, ní aago méjìlá òru ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rọ ta ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán ní Akute? Olówó ti pa ìnfátà kí bátìrì má bàa tán, ó ti tilẹ̀kùn, ó ti lọ ilé. Bí wákàtí náà bá kọjá tí ẹ̀rọ kò sí lójú iná, ètò yẹn kì í padà wá san gbèsè rẹ̀. Ó di oṣù tó ń bọ̀, ní òru kan náà tí ẹ̀rọ kò ní sí lójú iná. Báyìí ni ẹnì kan ṣe lè lo Debian fún ọdún méjì, tó gbà pé sikirọ́ọ̀bù ń lọ, kí ó sì jẹ́ pé kò tíì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lọ wo ìlà `scan` tiyín. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, tàbí tí ọjọ́ tó wà níbẹ̀ bá ti pẹ́, ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹ kọ ètò tiyín sí ọ̀sán, ìgbà tí òòrùn ń ràn lórí páànẹ́lì sóláà, tí ẹ̀rọ sì wà lẹ́nu iṣẹ́:

```
0 10 8-14 * * root [ $(date +\%u) -eq 2 ] && /usr/sbin/zpool scrub fidio
```

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù, aago mẹ́wàá àárọ̀, nìyẹn, bí ẹ bá kọ ọ́ sínú fáìlì kan lábẹ́ `/etc/cron.d`. Iṣẹ́ á falẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí ìyàwó bá wá gba fídíò rẹ̀ kíákíá, `zpool scrub -p fidio` á dá a dúró, `zpool scrub fidio` á sì mú un tẹ̀ síwájú láti ibi tó dé. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, kò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè pàdánù wákàtí méjì, nítorí pé bó ṣe máa ń fi àmì sí ibi tó dé nìyẹn bí ẹ kò bá yí i padà, ṣùgbọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹ̀rọ bá jí.

Ẹ̀sùn tó kù, tí mo ń gbọ́ jù, ni pé sikirọ́ọ̀bù ń pa dísíìkì, ó sì ń jẹ iná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dísíìkì tó ń ka mẹgabáìtì 150 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á ka tẹrabáìtì 2.6 láàárín wákàtí márùn-ún, kò lé. Bí àpótí náà lápapọ̀ bá ń jẹ wọ́ọ̀tì 50, ìdá mẹ́rin yúníìtì iná kan ni gbogbo rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ní ti pípa dísíìkì, ọ̀pọ̀ dísíìkì tí wọ́n ṣe fún irú àpótí yìí ni àwọn tó ṣe é kọ sí i pé ó lè gbé tẹrabáìtì 180 lọ́dún. Sikirọ́ọ̀bù oṣù méjìlá á lo bíi 31 nínú rẹ̀. Mo gbà pé dísíìkì tó ti ń kú lọ lè kú lẹ́nu sikirọ́ọ̀bù. Ṣé kì í ṣe ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó kú, nígbà tí èkejì rẹ̀ ṣì wà láàyè, tí a ti yẹ òun náà wò lóṣù tó kọjá? Iṣẹ́ kíkà kan náà ni títún míírọ̀ kọ́ máa gbé lé èyí tó bá kù lórí. Ẹni tó bẹ̀rù láti ka dísíìkì méjì lónìí á ka ọ̀kan ṣoṣo lọ́la, pẹ̀lú ọkàn tó ń lù kì-kì.

Àwọn tó rò pé àìmọ̀ àwa ará ibí nìkan ni, ẹ gbọ́ ti Kánádà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2022, àwọn tó ní ìkànnì fídíò Linus Tech Tips, tí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà gan-an jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, jáde sọ fún gbogbo ayé pé àkójọ fídíò àtijọ́ wọn ti bàjẹ́ púpọ̀. ZFS ni wọ́n lò. Dísíìkì wọn pọ̀ ju ti Akute lọ níye. Wọn kò ṣètò sikirọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó ń wo bí dísíìkì ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, fáìlì ń ṣí, títí di ọjọ́ kan tí ohun tó bàjẹ́ ti ju ohun tí ẹ̀dà ìrànlọ́wọ́ lè tún ṣe lọ. Owó kò gbà wọ́n, ìmọ̀ kò gbà wọ́n, nítorí pé kò sẹ́ni tó ka ohun tó wà nílẹ̀.

N kò sọ pé sikirọ́ọ̀bù ń ṣe ohun gbogbo. Bí púùlù bá jẹ́ dísíìkì kan ṣoṣo, á sọ fún yín pé fáìlì ti bàjẹ́, `zpool status -v` á sì dárúkọ fáìlì náà, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tó máa fi tún un ṣe. Ohun tó bá ti bàjẹ́ nínú mẹ́mórì kí ZFS tó ṣírò àmì-ẹ̀rí rẹ̀ á wọlé pẹ̀lú àmì tó bá ìbàjẹ́ rẹ̀ mu, sikirọ́ọ̀bù kò ní mọ̀ láéláé. Bí olè bá gbé àpótí lọ, bí ọmọ iṣẹ́ bá pa fáìlì rẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣì nílò ẹ̀dà kan tó wà ní ilé mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èyí náà ṣe so mọ́ ọ̀rọ̀ mi: bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà láti ara púùlù tí ẹ kò yẹ̀ wò, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń dà kọ. Bí ẹ bá sì ń fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lóṣooṣù, tí fáìlì kan ti bàjẹ́ láìsẹ́ni tó mọ̀, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kò ní sí èyí tó dára níbì kankan mọ́. Ọjọ́ tí sikirọ́ọ̀bù dárúkọ fáìlì tó bàjẹ́ ló ń pinnu bóyá ẹ̀dà tó dára ṣì wà fún yín láti mú padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó fún àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ yín, ẹ má gba “kò sí wàhálà” lọ́wọ́ wọn mọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlà `scan` hàn yín, kí ẹ sì ka ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ fúnra yín. Bí ó bá ti lé ní ọjọ́ márùndínlógójì, ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sikirọ́ọ̀bù lójú yín kí wọ́n tó gba owó oṣù náà.